Òróró Inú Fráyà: Ìgbà Tí A Ó Máa Dà Á Nù àti Ibi Tí Iná Rẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Kọjá

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìdáná, òkun o. Mo ti fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí rí, àmọ́ àwọn tó wọ iṣẹ́ láìpẹ́ kò sí níbẹ̀, àwọn tó sì wà níbẹ̀ ti gbàgbé ìdajì rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fráyà. Ẹni tó bá fẹ́ fi iná sí i, kó kọ́kọ́ kà á.

Orí òróró kan tó kú lọ́jọ́ kejì ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kọ́ èmi gan-an lọ́gbọ́n.

Ọjọ́ Ajé la da òróró tuntun sí táńkì kìíní, lítà méjìlá, láti inú kẹ́ẹ̀gì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Táńkì iṣu àti dòdò nìyẹn, ó sì yẹ kó gbé wa dé Àbámẹ́ta. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ìṣẹ́gun, ó ti pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Tí a bá ju iṣu sí i, ara iṣu á ti pọ́n kí inú tó jinná, èéfín sì ń rú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú òróró. Nọ́ọ̀bù wà ní 175, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo gba ọjà lọ, mo bá ẹni tó ta òróró fún wa jà. Mo ní ó ti lú u. Obìnrin náà kàn wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, inú kẹ́ẹ̀gì kan náà kọ́ lẹ ti bù sí táńkì kejì ni?” Mo délé, mo wo táńkì kejì: òróró ibẹ̀ ṣì mọ́ rekete.

Ìgbà yẹn ni mo tó ki tẹmọ́mítà tó ní ọ̀pá gígùn bọ táńkì kìíní. Nọ́ọ̀bù ń sọ 175, òróró wà ní 207.

Nígbà tí a da òróró jáde, a rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nísàlẹ̀ táńkì tí nọ́ọ̀bù fi ń mọ bí òróró ṣe gbóná tó. Èèpá dúdú líle ti bò ó, bíi ti ìdí ìkòkò tí wọ́n ti fi se ọbẹ̀ jóná, ó sì ti bọ́ kúrò nínú ìdè rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹ̀gbẹ́ táńkì. Ooru kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Kó tó mọ̀ pé òróró ti gbóná tó kó sì pa iná, òróró ti kọjá ibi tó yẹ lọ jìnnà. Ẹni tó wà nídìí fráyà kò ṣẹ̀, òróró kò ṣẹ̀, ìyá olóròóró kò sì ṣẹ̀. Mo padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo mú jáde nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé nọ́ọ̀bù kì í ṣe tẹmọ́mítà. Nọ́ọ̀bù ń sọ ohun tí a bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Tẹmọ́mítà ló ń sọ ohun tó ṣe.

Bí a ó ṣe máa wọn ooru

Láràárọ̀, kí oúnjẹ kankan tó wọlé, ẹ yí nọ́ọ̀bù sí 170. Ẹ jẹ́ kí iná kú kó sì tún ràn fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ooru lè kárí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ki tẹmọ́mítà bọ àárín òróró, kó má kan ìsàlẹ̀ tàbí páìpù iná, kí ẹ sì ka èyí tó ga jù kí iná tó kú. Tó bá wà láàárín 165 sí 178, ẹ máa báṣẹ́ lọ. Tó bá fi ju mẹ́wàá lọ yàtọ̀ sí nọ́ọ̀bù, ẹ pa iná, ẹ pè mí.

Tẹmọ́mítà fúnra rẹ̀ náà lè purọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹ ki tẹmọ́mítà náà bọ omi tó ń hó yaya. Níbí, nǹkan bíi 98 tàbí 99 ló yẹ kó fi hàn, kì í ṣe 100 gan-an, torí ilẹ̀ Kábbà ga sókè, omi kì í dúró dé 100 kó tó hó níbi tó bá ga. Ẹ má ṣe torí ìyẹn sọ ọ́ nù. Ọmọkùnrin kan ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Tó bá ń sọ 92 tàbí 105, ìyẹn ló ti bàjẹ́. Ẹ nù ún gbẹ dáadáa kó tó padà sínú òróró gbígbóná.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ ìyá yín pẹ̀lú àlùbọ́sà: ẹ jù ú sí i, tó bá dún ṣìnṣìn, òróró ti tó. Èmi náà bẹ́ẹ̀. Àlùbọ́sà á sọ fún yín pé òróró gbóná, àmọ́ bó ṣe ń dún ní 170 náà ló ń dún ní 200. Àwọn míì ń dúró títí èéfín á fi rú, bí ẹni ń yọ́ epo pupa. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ níbí mọ́. Òróró tuntun tó dáa kì í rú èéfín títí á fi kọjá 220, nítorí náà ẹni tó bá ń dúró de èéfín ti pa òróró náà kó tó ju ẹyọ iṣu kan sí i.

Òpin iná

Iṣu, 170. Dòdò tó pọ́n dáadáa, 160 sí 165, torí ṣúgà inú rẹ̀ máa ń tètè jó. Pòtétò kò gbọdọ̀ kọjá 175, kí ẹ sì yọ ọ́ nígbà tó bá pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi wúrà. Tó bá dé ibi pé ó dúdú létí, èròjà kan tí kò dára fún ara ti ń pọ̀ nínú rẹ̀. Àkàrà àti ẹja, 175. Adìyẹ, 165, kó pẹ́ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì ki tẹmọ́mítà bọ ibi tó nípọn jù lára rẹ̀, kó má kan eegun: 74 ni kó fi hàn kó tó jáde.

Kò sí oúnjẹ kankan nílé yìí tó nílò ju 180 lọ. 180 ni òpin wa. Tí òróró bá dé 190, ẹ pa iná, ẹ má ju nǹkan kan sí i, ẹ pè mí. Bọ́tìnì pupa tó wà nísàlẹ̀ fráyà wà fún ìgbà tí ohun gbogbo bá já kulẹ̀, òun ló máa ń gé gáàsì fúnra rẹ̀. Tó bá já lẹ́ẹ̀kan, ó ní ìdí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà kí ẹ sì máa dín nǹkan lọ bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí dígírì mẹ́wàá fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ òróró ní ìṣirò ojú kan: tí ooru bá fi nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá lé sí i, bí òróró ṣe ń bàjẹ́ á yára sí i ní ìlọ́po méjì. Kì í ṣe ìṣirò tó gún régé, àmọ́ ẹ fi wo òróró wa. Láti 175 dé 205, mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta ni. Ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po mẹ́jọ. Wákàtí mẹ́jọ péré ni òróró yẹn wà lórí iná, láàárín Ajé àti Ìṣẹ́gun. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, 64. Òróró tó yẹ kó lo wákàtí 24 ti lo 64 lọ́wọ́ wa.

Agbọ̀n tó kún jù

Ibí ni ìjà wa ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Èrò ti tò, ẹ fẹ́ yára, ẹ kó iṣu kún agbọ̀n dé ọrùn. Òróró tó wà ní 170 á já wálẹ̀ sí 130 lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣu ò ní gbẹ lára kíákíá, á wá jókòó síbẹ̀ máa mu òróró. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ á rí i pé kò pọ́n, á yí nọ́ọ̀bù dé 200 kí ó lè yára. Kò ní yára. Iná fráyà wa kò ní kékeré tàbí ńlá: yálà ó ń jó tàbí ó kú. Bí ẹ bá yí nọ́ọ̀bù sókè, bó ṣe ń jó tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń jó, ohun tó kàn yí padà ni pé kò ní kú níbi tó yẹ. Nígbà tí iṣu bá fi máa jáde, òróró á máa sáré lọ sí 200 láìsí oúnjẹ nínú rẹ̀, ẹ̀yin á ti dojú kọ ẹni tó ń pè yín lórí tábìlì.

Lítà méjìlá òróró wúwo tó nǹkan bíi kílò mọ́kànlá. Ẹ má fi ju kílò kan àti díẹ̀ lọ sí i lẹ́ẹ̀kan. Ní ojú, ìdajì agbọ̀n ni. Mo ti wọ̀n ọ́n: pẹ̀lú ìdajì agbọ̀n, òróró máa ń bọ́ sí nǹkan bíi 150, á sì ti padà sókè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Agbọ̀n ìdajì méjì tẹ̀ léra wọn máa ń tètè jáde ju agbọ̀n kíkún kan lọ. Ẹ fi aago wọ̀n ọ́n tí ẹ ò bá gbà.

Ẹ nu iṣu gbẹ kó tó wọlé. Ẹ gbọn yìnyín kúrò lára ẹja. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá lórí fráyà rárá; ìta, lórí àwo, la ti ń wọ́n ọn. Omi àti iyọ̀ ló máa ń tètè sọ òróró di kíkan, ìgbà tó bá sì ti kan, kì í pẹ́ rú èéfín mọ́.

Tí oníbàárà bá dẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀dógún, ẹ yí nọ́ọ̀bù sí 120 kí ẹ sì bo táńkì. Tó bá máa ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ẹ pa á.

Lásìkò ọyẹ́ ẹ ní láti fi sùúrù kún un. Òróró tí à ń lò máa ń dì bí òrí láràárọ̀ nígbà náà. Tí ẹ bá ṣí iná kíkún sí i bẹ́ẹ̀, èyí tó wà lára páìpù á ti jóná kí èyí tó wà lókè tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á fún méjì, títí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yí i sí 170.

Wákàtí la ń kà, a kì í ka ọjọ́

Tẹ́lẹ̀, a máa ń sọ pé “ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ la ń pààrọ̀ òróró.” Mo ti fagi lé e. Ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ ọjà àti ìnáwó bá bọ́ sí kò dọ́gba pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ tí ilẹ̀ dá. Ìwé kan wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà. Ẹni tó bá tan iná ló ń kọ ọ́, báyìí:

Táńkì 1. Ọjọ́rú. 7:00 sí 9:00, 12:00 sí 2:00. Wákàtí 4. Àpapọ̀ 12. Àfikún lítà 1. Tẹmọ́mítà 172.

Gbogbo àkókò tí òróró fi gbóná la ń kọ, bí a dín nǹkan tàbí a kò dín. Tí ẹ bá rí i pé ó ti wà láàárín 180 sí 190 fún wákàtí kan, ẹ kọ ọ́ ní méjì. Táńkì kìíní, ti iṣu, dòdò àti pòtétò, á lọ nígbà tí àpapọ̀ bá dé 24. Bí a bá ń lo wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà nìyẹn. Táńkì kejì, ti ẹja, adìyẹ àti àkàrà, á lọ ní 12, torí ọ̀rá ẹja àti ti adìyẹ máa ń wọ inú òróró, ìyẹ̀fun àti èérún àkàrà sì ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà wa ni o; a dé ibẹ̀ nípa wíwo òróró tiwa pẹ̀lú fráyà tiwa. Fráyà ibòmíì lè ní tirẹ̀.

Láràárọ̀, ẹ fi òróró tuntun kún un dé ibi àmì. Lítà kan tàbí lítà kan ààbọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, torí oúnjẹ ń gbé díẹ̀ lọ. Àfikún yìí ń ran òróró lọ́wọ́, àmọ́ kì í pa wákàtí rẹ́. Kò sì sí bí a ó ṣe da tuntun lé òkú òróró kó jí. Òkú náà ni yóò fa tuntun mọ́ra.

Sísẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́

1. Ní aago méjì, ẹ pa iná, ẹ ti gáàsì láti orí sìlíńdà, ẹ fi asẹ́ wáyà kó èérún tó léfòó. Ẹ bo táńkì.
2. Ẹ jẹ́ kó tutù títí tẹmọ́mítà á fi sọ 60 tàbí kó dín. Ó máa ń ju wákàtí méjì lọ. Òróró 120 kò rú èéfín, kò hó, ó kàn dákẹ́ síbẹ̀ bí omi tútù; òun ló bó ọwọ́ arákùnrin kan lọ́dọ̀ wa lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀.
3. Ẹ fi aṣọ òwú funfun tí a ṣẹ́ po sí méjì sórí asẹ́, ẹ sẹ́ òróró sínú ìkòkò irin tí kì í dípẹtà. Kẹ́ẹ̀gì rọ́bà kọ́ o. Aṣọ náà gbọ́dọ̀ gbẹ.
4. Ẹ nu ìsàlẹ̀ táńkì, páìpù àti ọ̀pá tí mo sọ yẹn. Ẹ fọwọ́ kan ọ̀pá náà kí ẹ rí i pé ó wà nínú ìdè rẹ̀. Ẹ má fi kànìnkànìn wáyà ha á, torí irun irin tó bá já sínú táńkì máa ń mú òróró tètè kan.
5. Ẹ da òróró padà, ẹ bò ó.

Ẹ má sẹ́ òróró táńkì kejì sínú táńkì kìíní láéláé. Òórùn ẹja á wọ dòdò, kò sì ní jáde mọ́.

Tó bá kú kí wákàtí tó pé

Àwọn orílẹ̀-èdè kan nílẹ̀ Yúróòpù fi í sófin: tí ohun tó ti yí padà nínú òróró bá ti dé nǹkan bíi ìdá mẹ́rin rẹ̀, láti 24 sí 27 nínú ọgọ́rùn-ún, dídànù ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àwa ní ojú, imú àti ṣíbí.

Àkọ́kọ́ ni èéfín. Tó bá rú ní 175, ọ̀rọ̀ ti parí, iye yòówù kí ìwé sọ. Èkejì ni ìfóòfó. Nínú òróró tuntun, ìhó ara iṣu tóbi, ó ń bẹ́ kíákíá, ó sì ń dákẹ́ tí iṣu bá jáde. Nínú òkú òróró, ó kéré, ó fún mọ́ra, ó ń gun ẹ̀gbẹ́ táńkì bí ọṣẹ, tí ẹ bá tiẹ̀ yọ iṣu, á ṣì dúró síbẹ̀ tó ń wò yín. Ẹ̀kẹta, ẹ ki ṣíbí bọ òróró tó ti tutù, ẹ gbé e sókè: tuntun á kán tó, tó, tó; òkú á fà bí ìtọ́ ọmọ tó ń hu eyín, á sì lẹ̀ mọ́ ìka.

Àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. Kọ́rì ara adìyẹ lè sọ òróró dúdú lọ́jọ́ kìíní, òróró tó sì mọ́ lójú lè ti kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ìgò kékeré kan pamọ́ láti inú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ẹ da ṣíbí kan nínú rẹ̀ sórí àwo funfun, ẹ da ti táńkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbóòórùn méjèèjì. Tí ọ̀kan bá ń rùn bí ọ̀dà, ẹ ti mọ̀.

Ẹnikẹ́ni nínú yín lè dá òróró dúró. Kò nílò àṣẹ mi. Mo bá ẹni tó dín ẹja pẹ̀lú òkú òróró jà rí, mi ò tíì bá ẹni tó dà á nù jà.

Ọjọ́ ìpààrọ̀

Ẹ sẹ́ òróró àtijọ́ nígbà tó bá ti tutù pátápátá sínú kẹ́ẹ̀gì búlúù. Ẹ rọ omi àti ọṣẹ sínú táńkì, ẹ fi iná sí i kó hó pẹ̀lẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀, torí ọṣẹ á fẹ́ kún jáde. Ẹ dà á nù, ẹ fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọṣẹ má ṣẹ́kù. Ọṣẹ ló máa ń jẹ́ kí òróró tuntun yọ ìfóòfó láti òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní. Ẹ nù ún gbẹ, títí dé ẹnu ẹ̀rọ tí òróró ń gbà jáde, ibi tí omi máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ kọ 0 sínú ìwé.

Kẹ́ẹ̀gì búlúù kì í lọ sí gọ́tà, kì í sì í lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń dín àkàrà lójú títì, bó ti wù kó bẹ̀ tó. Ìyá tó ń se ọṣẹ ló ń wá gbé e. Níwájú wa, nínú àgbàlá, ló ti ń da omi eérú rẹ̀ sí i kó tó gbé e sórí ọ̀kadà, kò sì sẹ́ni tó lè fi í dín nǹkan mọ́.

Tí iná bá mú òróró: ẹ pa gáàsì tí ọwọ́ bá ṣì dé ibẹ̀, ẹ fi ìdérí irin bò ó, ẹ má ṣí i wò, ẹ má gbé e kúrò, ẹ má da omi sí i. Ìdérí náà ń gbé lórí ìṣó, kì í ṣe lábẹ́ tábìlì níbi tí mo ti bá a lánàá. Ẹni tí òróró bá ta sí lára, ẹ fi omi ẹ̀rọ tútù ṣan án fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má fi òrí tàbí ìpara eyín sí i, kí a tó gbé e lọ ilé ìwòsàn.

Táńkì kejì wà ní wákàtí mẹ́wàá bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá ṣí ilé ìdáná lọ́la, ẹ wo ìwé kí ẹ tó tan iná: wákàtí méjì ló kù fún un, àkàrà àárọ̀ nìkan ni kí ẹ fi dín. Ẹja ọ̀sán á dúró de òróró tuntun.